Itan adìyẹ inú fíríìsà lẹ́yìn tí iná lọ: ṣé ó ti bàjẹ́ ni àbí kò tíì bàjẹ́?

Ìyá Dára (Ìjàpọ̀) · 7:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, àwọn ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ lónìí, wọ́n á dé kó tó di aago méjì ọ̀sán. Lọ́jọ́bọ̀ ni mo ra itan adìyẹ kílò mẹ́ta ní kóòlù rúùmù kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, ó dì gbagidi nígbà tí mo rà á, mo sì kó o sí fíríìsà bó ṣe wà nínú náílọ̀n ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì iná lọ, kò dé àfi ìrọ̀lẹ́ àná. Fíríìsà ọ̀hún ò kún, adìyẹ yìí àti ẹja díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ṣí i mu omi tútù ní ọ̀sán àná.

Láàárọ̀ yìí ó ti ń padà dì, àmọ́ àárín ẹ̀ ṣì rọ̀. Mo tú náílọ̀n ẹ̀, òórùn kan gbá mi nímú, kìí ṣe pé ó ń rùn gan-an o, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Awọ àwọn kan funfun, àwọn kan pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi àtàlẹ̀ díẹ̀ pa á. Egungun itan ẹ̀ dúdú létí oríkèé, bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Tí mo bá sì fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n kàn fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí n sè é. Kí lẹ rí sí i?

Bùọ̀dá Ọ̀dà Road · 7:18 àárọ̀

Màmá tọ̀nà jàre. Iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, omi gbígbóná, lẹ́yìn náà ẹ fi ata ilẹ̀ àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́ kó hó dáadáa. Iná á pa gbogbo kòkòrò tó bá wà níbẹ̀. Ilé wa kìí da ẹran nù.

Ìyá Olóúnjẹ Dídì · 7:41 àárọ̀

Ìyá Dára, ẹ má tíì fọ̀ ọ́ o, ẹ má sì tíì dà á nù. Oúnjẹ dídì ni mò ń tà, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá adìyẹ ṣiṣẹ́. Tẹ́ẹ bá fi iyọ̀ àti ọsàn fọ̀ ọ́ báyìí, òórùn àti yíyọ̀ tó yẹ kó sọ òótọ́ fún yín lẹ máa fọ̀ dànù, adìyẹ ọ̀hún ò sì ní tìtorí ẹ̀ sàn ju bó ṣe wà lọ.

Òórùn tẹ́ẹ gbọ́ nígbà tẹ́ẹ tú náílọ̀n ò tíì tó ẹ̀rí. Adìyẹ tó wà nínú náílọ̀n tí wọ́n so pa, omi ara ẹ̀ àti òórùn ara ẹ̀ á kórajọ sínú ibẹ̀, ìgbà tẹ́ẹ bá ṣí i gbogbo ẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó o kúrò nínú náílọ̀n, ẹ da omi pupa ìsàlẹ̀ ẹ̀ nù, ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ fífẹ̀ kí wọ́n má gun orí ara wọn, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kẹ́yin náà jáde kúrò ní kíṣìnì, nítorí imú tó bá ti pẹ́ nínú òórùn kan kìí gbọ́ ọ mọ́. Tẹ́ẹ bá padà wọlé tí òórùn yẹn ti lọ, ti náílọ̀n ni. Tó bá ṣì dúró síbẹ̀, tó ń kan, tàbí tó ń ta yín nímú bí ìtọ̀ tó ti sùn, tàbí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, adìyẹ fúnra ẹ̀ ló ń rùn, ẹ má bá a fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù: yìnyín máa ń pa òórùn mọ́. Adìyẹ tó dì gbagidi kìí rùn, bó ti wù kó bàjẹ́ tó kí wọ́n tó kó o sínú yìnyín. Ìdí nìyí tẹ́ẹ fi lè ra èyí tó dáa lójú ní kóòlù rúùmù, kẹ́ẹ dé ilé kó tó yọ́ kẹ́ẹ tó wá mọ̀. Nítorí náà èyí tí àárín ẹ̀ ṣì dì díẹ̀ yìí, ẹ má tíì gbà á gbọ́ àfi tó bá yọ́ tán. Ẹ so àwọn tó ṣì dì sínú náílọ̀n mìíràn tí ò jò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi tútù, ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn ní ààbọ̀ wákàtí ààbọ̀ wákàtí. Ẹ má lo omi gbígbóná o, ìta á ti máa bàjẹ́ nígbà tí inú ṣì dì.

Ní ti yíyọ̀, gbogbo adìyẹ tútù ló ń yọ̀ díẹ̀ nítorí omi. Ẹ fi omi díẹ̀ ṣan ẹyọ kan, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún, kẹ́ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ra awọ ẹ̀. Tí omi ẹ̀ bá ti lọ tó sì kàn rọ̀, ó dáa. Tó bá ṣì ń fà lọ́wọ́ bí ewédú lẹ́yìn tẹ́ẹ nù ún, ó ti bàjẹ́. Kẹ́ẹ má wo ojú gbangba nìkan, ẹ ṣí abẹ́ awọ níbi tí itan ti so mọ́ ìdí, ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Tó bá jẹ́ odidi adìyẹ ni, abẹ́ apá àti inú ihò ẹ̀ ni ẹ máa wò.

Mo máa sọ ti egungun dúdú tí mo bá dé, oníbàárà ti dé.

Ọmọ FUTA · 7:55 àárọ̀

Ẹ má ṣe wàhálà, ohun tí mo mọ̀ ni pé èyí tí awọ ẹ̀ pọ́n yẹn ló ti pẹ́. Adìyẹ tuntun funfun ni. Ohun mìíràn, ẹ gbé ọ̀kan síta, tí eṣinṣin bá bà lé e, ó dáa. Tí eṣinṣin ò bá sún mọ́ ọn, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ni wọ́n fi sí i, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń kó gba ẹ̀yìn bọ́dà wọlé ló rí bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ Adìyẹ Ìlárá · 8:06 àárọ̀

Àbúrò, ẹ jẹ́ ká tún ìyẹn ṣe. Awọ pípọ́n kìí ṣe bíbàjẹ́. Oúnjẹ tí adìyẹ jẹ ló ń fún awọ àti ọ̀rá ẹ̀ láwọ̀. Àwa tá à ń fi àgbàdo pípọ́n bọ́ wọn, awọ wọn máa ń pọ́n, àwọn tó ń jẹ ewéko kiri àgbàlá náà máa ń pọ́n. Ẹni tó ń fi ọkà bàbà tàbí àgbàdo funfun bọ́ tirẹ̀ á rí awọ funfun. Adìyẹ méjì tí wọ́n pa ní wákàtí kan náà, ọ̀kan lè funfun kí èkejì pọ́n. Ẹran abẹ́ awọ ni kẹ́ẹ wò: tuntun á pọ́n fẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, á sì máa dán. Èyí tó ń bàjẹ́ á ṣú, á fẹ́ dà bí eérú, ó lè wá ní àwọ̀ ewé létí ibi tí wọ́n ti gé e. Awọ tó pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí awọ tó ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ti eṣinṣin ńkọ́, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: kíkó adìyẹ dídì wọlé láti òkè òkun wà nínú ohun tí ìjọba fòfin dè, èyí tí wọ́n bá fà gba ẹ̀yìn bọ́dà ò sí ẹni tó mọ bó ṣe rìn. Ṣùgbọ́n eṣinṣin ò lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Adìyẹ tó tutù gan-an, eṣinṣin ò ní kánjú bà lé e. Èyí tó ti rà gan-an ni wọ́n máa ń tètè bà lé. Tẹ́ẹ bá tẹ̀lé ti eṣinṣin, èyí tó bàjẹ́ lẹ máa mú.

Màmá Ondo · 8:15 àárọ̀

Ìyá Dára ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ti àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà lẹ̀ ń bèèrè ni àbí? Èmi kìí ra èyí tí wọ́n ti pa sílẹ̀ o. Nígbà tí àrùn bá wọ oko, àwọn kan máa ń gé ọrùn èyí tó ti kú fúnra ẹ̀, wọ́n á wá tà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹ wo ojú ọgbẹ́ ọrùn ẹ̀. Èyí tí wọ́n pa láàyè, ojú ọgbẹ́ ẹ̀ á là gbàgà, ẹ̀jẹ̀ á ti wọ inú ẹran tó yí i ká. Èyí tó ti kú kí wọ́n tó gé e, ojú ọgbẹ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ létí ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò jáde lára ẹ̀, iṣan abẹ́ apá á dúdú, awọ ọrùn àti igbáàyà á pọ́n bí ẹni tí wọ́n lù. Láìtíì rùn rárá nìyẹn o. Lódòjọ̀mù níbí, mo máa ń ní kí wọ́n pa á lójú mi.

Ìyá Dára (Ìjàpọ̀) · 8:21 àárọ̀

Màmá ẹ ṣeun gan-an ma, itan dídì ni tèmi, kò sí ọrùn lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ èyí, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mo ti tẹ́ ẹ sínú abọ́ fífẹ̀. Mo ń dúró de ti egungun dúdú yẹn.

Ìyá Olóúnjẹ Dídì · 8:34 àárọ̀

Mo ti dé. Egungun dúdú létí oríkèé ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. Àwọn bọ̀rọ́ílà tí wọ́n ń kó fún kóòlù rúùmù, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni púpọ̀ nínú wọn, egungun wọn ò tíì gbó. Nígbà tó bá dì tó sì tún yọ́, ẹ̀jẹ̀ inú mùdùnmúdùn egungun á jáde gba ara egungun sínú ẹran tó sún mọ́ ọn. Tẹ́ẹ bá sè é á tún dúdú sí i, ó burú lójú, ṣùgbọ́n kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ lè rí ibi funfun tó gbẹ bíi páálí náà lára awọ, ìyẹn ni ibi tí òtútù fíríìsà ti fa omi ẹ̀ gbẹ, kò ní dùn lẹ́nu níbẹ̀, ẹ gé e sọnù, kìí ṣe bíbàjẹ́.

Àwọ̀ ewé nìkan ló tún ní ọ̀nà méjì. Tó bá jẹ́ odidi adìyẹ, tí àwọ̀ ewé wà nínú ikùn ẹ̀ níbi tí ẹ̀dọ̀ wà, tó korò, òróòro ló fọ́ nígbà tí wọ́n ń yọ ìfun. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Tẹ́ẹ bá rí àwọ̀ ewé lára itan tó jìnnà sí òróòro, ẹ gbé e jù nù.

Èyí tí àwa máa ń ṣe tí ọkàn wa ò bá balẹ̀ nípa itan: ẹ ti ọ̀bẹ tó tín-ín-rín wọ inú oríkèé títí á fi kan egungun, ẹ fà á yọ, kẹ́ẹ gbóòórùn ọ̀bẹ náà. Ìta lè dáa kí ẹ̀bá egungun ti ń kan. Ẹ fọ ọ̀bẹ yẹn kẹ́ẹ tó lò ó fún òmíràn.

Nọ́ọ̀sì Alágbàkà · 8:50 àárọ̀

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Olóúnjẹ Dídì lórí bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tako Bùọ̀dá Ọ̀dà Road lórí pé iná á pa gbogbo ẹ̀. Iná á pa kòkòrò lóòótọ́. Àmọ́ àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé tí ẹran bá ti wà nínú ooru fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á ti pọ májèlé sílẹ̀ nínú ẹ̀, májèlé yẹn kìí kúrò bí ẹ sè é di ọ̀la. Ẹni tó jẹ ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí díẹ̀, á sì máa sọ pé òun sè é dáadáa.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn kòkòrò tó ń mú adìyẹ rùn kìí ṣe àwọn tó ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Salimonẹ́là lè wà lára adìyẹ tó dán tí ò rùn rárá. Ìdí nìyí tí imú fi lè sọ fún yín pé kẹ́ẹ da adìyẹ nù, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín pé kẹ́ẹ jẹ ẹ́ bó ti wù yín. Ẹ sè é títí kò fi ní sí pupa létí ẹran mọ́, kí omi tó ń jáde lára ẹ̀ mọ́ kedere. Egungun dúdú nìkan ló lè ṣì dúdú. Ẹ má sì máa fọ adìyẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi kí ó máa ta sí ewébẹ̀ àti abọ́ yín lára. Ti omi díẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ẹ fi ṣan ẹyọ kan yẹn, inú abọ́ ni kẹ́ẹ ti ṣe é, kẹ́ẹ dà á nù jẹ́jẹ́.

Ní ti àkókò: fíríìsà tó kún tí ẹnìkan ò ṣí, ó lè mú nǹkan tutù tó bíi wákàtí 48. Èyí tí ò kún, bíi 24. Tiyín ò kún, àwọn ọmọ sì ṣí i. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù.

Bùọ̀dá Ọ̀dà Road · 8:58 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ o, ti májèlé yẹn ò yé mi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ò ní fíríìsà, wọ́n sì jẹ ẹran.

Àgbẹ̀ Adìyẹ Ìlárá · 9:03 àárọ̀

Wọ́n ń pa á láàárọ̀, wọ́n ń sè é tán kó tó di ọ̀sán, èyí tó bá ṣẹ́kù wọ́n ń yan án sórí àjà ìdáná kó gbẹ. Kìí ṣe pé wọ́n ń fi tútù sílẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ kan dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ìyá Dára (Ìjàpọ̀) · 9:40 àárọ̀

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ náílọ̀n ṣì dì láàárín nígbà tí mo kó wọn síta, yìnyín wà lára wọn. Mo jáde lọ gbálẹ̀, nígbà tí mo padà wọlé òórùn àkọ́kọ́ yẹn ti lọ lára wọn. Mo nù wọ́n, wọn ò fà lọ́wọ́. Mo fi ìka tẹ̀ wọ́n, ẹran náà padà sípò. Ọ̀bẹ tí mo tì bọ oríkèé ò rùn.

Mẹ́ta tó wà lókè náílọ̀n ló yàtọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbé omi. Àwọn yẹn ti rọ̀ tán. Abẹ́ awọ ẹ̀ níbi ìdí ń fà, bí mo ṣe nù ún ó tún ń fà, òórùn ẹ̀ sì ń kan, kò lọ bí mo ṣe fi í sílẹ̀ tó. Mo tẹ ẹran ẹ̀, ojú ìka mi dúró síbẹ̀. Mo ti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú náílọ̀n, mo ti gbé e jù nù. Ọmọ ilé kejì ní kí n fún ajá òun, mo ní rárá.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé kí n se àwọn tó kù?

Nọ́ọ̀sì Alágbàkà · 9:47 àárọ̀

Tó bá jẹ́ èmi, rárá. Náílọ̀n kan náà ni gbogbo wọn wà, omi àwọn tó wà lókè ló ń sàn lọ sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ ní àlejò, ó ṣeé ṣe kí àgbàlagbà wà nínú wọn, ọmọdé náà.

Ìyá Olóúnjẹ Dídì · 9:55 àárọ̀

Mi ò bá Nọ́ọ̀sì jà o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo yà sí. Èyí tí yìnyín ṣì wà lára ẹ̀ kò tíì kúrò nínú òtútù. Ohun tó bá sàn sára ẹ̀, ara awọ ló wà, iná á sì kàn án. Èmi á bó awọ wọn sọnù, màá ṣan wọ́n, màá sè wọ́n lónìí yìí, mi ò ní dá wọn padà sí fíríìsà. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó ti rọ̀ tán tí yìnyín ò sí lára ẹ̀ rárá, bó rùn bí ò rùn, màá kó o kúrò, nítorí ẹ ò mọ wákàtí tó ti wà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ FUTA · 10:02 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà ẹ ṣeun. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ tí kò bá sí nílé nígbà tí iná lọ? Àwa tá a máa ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, a lè padà dé kí gbogbo ẹ̀ ti tún dì.

Ìyá Olóúnjẹ Dídì · 10:11 àárọ̀

Ẹ bu omi sínú ife kan, ẹ jẹ́ kó dì, kẹ́ẹ wá gbé nọ́ọ̀tì irin tàbí òkúta kékeré lé orí yìnyín ẹ̀, kẹ́ẹ fi í sílẹ̀ nínú fíríìsà. Tẹ́ẹ bá padà dé tí nọ́ọ̀tì yẹn wà lókè, kò yọ́. Tó bá ti rì sí ìsàlẹ̀ ife, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti yọ́ tó tún dì, ẹ má jẹ ẹ́. Tó bá wà láàárín, ẹ fi gbogbo ohun tá a sọ lókè yìí yẹ̀ wọ́n wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jà náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ náílọ̀n: tí yìnyín pupa bá tẹ́ síbẹ̀ bí àwo, tí àwọn ẹyọ ẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ra di odidi kan, ó ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì. Ẹ mú òmíràn.

Ìyá Dára (Ìjàpọ̀) · 10:30 àárọ̀

Mo ti bó awọ àwọn tí yìnyín wà lára wọn, wọ́n ti wà lórí iná báyìí. Méjì tó ti rọ̀ tán láìrùn, mo ti kó wọn kúrò. Mo rán ẹnìkan lọ ra ààyè méjì kún un, kí wọ́n pa á lójú ẹ̀ bí Màmá Ondo ṣe wí. Ìyá ọkọ mi ṣì ń kùn lórí àwọn tí mo dà nù. Ẹja tó wà nínú fíríìsà yẹn ńkọ́ o? Ojú ẹ̀ ṣì dán, ṣùgbọ́n ikùn ẹ̀ ti rọ̀.

Màmá Ondo · 10:36 àárọ̀

Ikùn ẹja tó bá ti rọ̀, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ ṣí etí ẹ̀ wò, tí kò bá pupa mọ́, ẹ jẹ́ kó bá àwọn itan yẹn lọ.